Sọ́btáítù fún fídíò Yorùbá: bí fídíò àkàrà kan ṣe ń dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Bàhíà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìkànnì Yorùbá máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fídíò, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán pátápátá. Ó dára bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnìkan láti Bùràsíìlì bá béèrè èdè Pọtogí, tàbí tí ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ kó lè máa kà á tẹ̀ lé ohùn ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ti lẹ̀ mọ́ àwòrán kò ṣe é ṣí kúrò mọ́, kò sì ṣe é pààrọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ Yorùbá, kí ẹ ṣètò àsìkò tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan máa jáde àti ìgbà tó máa wọlé, kí ẹ wá fi fáìlì yẹn ṣe ìyá fún gbogbo èdè yòókù. Ẹ ṣètò àsìkò lẹ́ẹ̀kan, èdè mélòó tí ẹ bá fẹ́ á jókòó lé e.

Fídíò kan ṣoṣo la máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fídíò ìṣẹ́jú 8 ni, tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń dín àkàrà. Ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: màmá tó ń dín in, àti ọmọdébìnrin tó ń bi í ní ìbéèrè. Àkàrà la mú torí pé kò dúró sílé: wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Èkó, wọ́n ń tà á lójú pópó ní Bàhíà ní Bùràsíìlì, àwọn ará Kúbà náà sì ní tiwọn.

Ohun èlò

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, Subtitle Edit tó. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń fi ìgbì ohùn hàn, ó sì ń ka iye lẹ́tà fún yín. Ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux lè lo Aegisub, ọ̀fẹ́ lòun náà. Bí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, Notepad lásán lè ṣe é, àfi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa máa wo aago. Fún títẹ Yorùbá lórí fóònù, Gboard ní bọ́tìnnì Yorùbá. Windows náà ní tirẹ̀ tí ẹ bá fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n sọ

Ẹ gbọ́ fídíò náà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Kì í ṣe fáàrí. Nínú fídíò yìí, màmá sọ pé kí wọ́n bu ẹ̀wà lílọ̀ náà sínú igbá. Tí ẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, "igba" ló máa wà níbẹ̀, ìyẹn iye tó ju 199 lọ ní ẹyọ kan. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè á rẹ́rìn-ín, á sì kọjá. Ẹni tó ń kọ́ èdè á dàrú. Ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín sí Pọtogí láìgbọ́ ohùn á kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Bọ́tìnnì Auto-translate tó wà lórí YouTube náà, ohun tí ẹ bá kọ ló ń kà, kì í gbọ́ ohùn.

Ẹ má kọ gbogbo "ẹn-ẹn" àti "ṣé ẹ rí i" tó bá jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà di Yorùbá ìwé. Bí màmá bá sọ pé "tómi bá pọ̀", ẹ má kọ "bí omi bá pọ̀", torí ẹni tó ń kà á á máa gbọ́ nǹkan mìíràn ní etí. Ẹ̀ka èdè náà ńkọ́? Bí ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Èkìtì bá ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì Yorùbá. Àwọn ọmọ ìlú náà tó wà lókè òkun, ohun tí wọ́n wá gbọ́ gan-an nìyẹn.

Àsìkò

Fáìlì tí a ń sọ yìí ni SRT. Ohun mẹ́rin ló wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde àti ìgbà tó wọlé, ọ̀rọ̀ náà, àti ìlà òfìfo kan. Ibi kan nínú fídíò wa, níbi tí màmá ti ń kìlọ̀ nípa omi, rí báyìí:

```
21
00:01:12,400 --> 00:01:14,700
Ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀ jù
nínú ẹ̀wà yìí o,

22
00:01:14,800 --> 00:01:18,400
torí tómi bá pọ̀, àkàrà ò ní gbára jọ,
á kàn fọ́nká sínú epo ni.
```

Ìlà méjì ni kó wà lójú kan, ó pọ̀ jù. Ìlà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, tí a bá ka àyè àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ìdìpọ̀ kan kò gbọdọ̀ dúró lójú kéré sí sẹ́kọ́ǹdì kan, kò sì gbọdọ̀ ju sẹ́kọ́ǹdì 7 lọ. Kí ẹ sì fi ààyè kékeré, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì, sáàárín ìdìpọ̀ kan àti èkejì, kí ojú lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni bí ẹni tó ń wò ó ṣe lè yára kàwé tó. Ẹ fi lẹ́tà 17 sí sẹ́kọ́ǹdì kan, ara á tu àgbàlagbà tó ń kà á. Bó bá jẹ́ pé ọmọdé ló ń wò ó, ẹ dín in kù sí bíi 13. Ìdìpọ̀ 22 òkè yìí ní lẹ́tà 61 láàárín sẹ́kọ́ǹdì 3.6, tó jẹ́ bíi 17 sí sẹ́kọ́ǹdì kan. Ó ṣẹ́ṣẹ̀ ṣe é kà ni.

Ìkẹ́kùn kan wà níbí tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Lẹ́tà "ẹ́" kò ní ààyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ" ni, tí wọ́n wá gbé àmì ohùn lé lórí, nítorí náà àwọn ètò kan máa ń kà á sí lẹ́tà méjì. "Ọ̀" náà rí bẹ́ẹ̀. Tí Subtitle Edit bá ń fi pupa hàn yín lórí fáìlì Yorùbá pé ìlà ti gùn jù, ẹ fi ojú ka àwọn lẹ́tà náà kí ẹ tó gé ọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àmì orí ló ń kà mọ́ ọn. Lórí fáìlì Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbà á gbọ́.

Ibi tí ẹ ti ń gé ìlà ṣe kókó. Ẹ gé e níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti lè mí. "Ò ní" kò gbọdọ̀ wà lókè kí "gbára jọ" wà nísàlẹ̀. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra kíákíá, ẹ fi àmì "-" síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kan jẹ́ ti ọmọ, kí èkejì jẹ́ ti màmá.

Fífi fáìlì pamọ́

Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ fi UTF-8 pamọ́ ọn. Nínú Notepad, tí ẹ bá yan Save as, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Encoding sí nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ANSI ló wà níbẹ̀, gbogbo "ẹ", "ọ" àti "ṣ" yín á di àmì ìbéèrè tàbí lẹ́tà tí kò ní àmì ìsàlẹ̀ mọ́. Fáìlì tó ti bàjẹ́ báyìí kò ṣe é tún ṣe, torí lẹ́tà náà ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ padà sí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nínú Word. Word máa ń sọ `-->` di ọfà gidi, YouTube kò sì ní mọ̀ pé àsìkò ló ń kà. Kọ́mà ló máa ń wà níwájú ìdá sẹ́kọ́ǹdì nínú SRT, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ `00:01:12.400` lè rí i pé fáìlì náà kò wọlé, tàbí kó wọlé kó má fi nǹkan kan hàn. Ẹ sọ fáìlì ní orúkọ tó yé èèyàn: `akara.yo.srt`, `akara.en.srt`, `akara.pt-BR.srt`.

Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì Yorùbá, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi àsìkò sílẹ̀. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá túmọ̀ ìkìlọ̀ màmá yẹn ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀:

```
Please do not let the water be too much in these beans, because
once the water is too much, the akara will not hold together,
it will just scatter in the oil.
```

Lẹ́tà 156 nìyẹn, sẹ́kọ́ǹdì 6 péré ni màmá sì fi sọ ọ́. Ó jẹ́ 26 sí sẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹni tó ń kà á kò ní rí ọwọ́ màmá nínú igbá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
21
00:01:12,400 --> 00:01:18,400
Go easy on the water.
Too much, and it breaks up in the oil.
```

Lẹ́tà 59. Ìdìpọ̀ méjì ti Yorùbá ti di ọ̀kan, kò sì sí aburú nínú ìyẹn: ẹ lè pa ìdìpọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sún ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ tàbí ìgbà tí ó parí. Ohun tí a gé kúrò ni "nínú ẹ̀wà yìí", torí ẹ̀wà náà wà lójú gbogbo ènìyàn, àti "àkàrà ò ní gbára jọ", torí "breaks up" ti sọ ọ́. Òfin tí ẹ lè máa tẹ̀ lé ni pé ohun tí àwòrán bá ti sọ, kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ dákẹ́ nípa rẹ̀.

Orúkọ èlò oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Tí ẹ bá kọ "beans" lásán, ará Amẹ́ríkà lè lọ ra ẹ̀wà pupa ńlá, àkàrà rẹ̀ ò sì ní dà bí àkàrà. Ẹ̀wà funfun tó ní ojú dúdú ni "black-eyed peas" ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ "black-eyed beans" ní Ìlú Ọba. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà olóyin ni màmá lò, "honey beans" ni kí ẹ kọ, àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ata rodo ni "Scotch bonnet". "Ẹ bó ẹ̀wà" kì í ṣe "peel", torí ẹnìkankan kò fi ọ̀bẹ bó ẹ̀wà. "Rub off the skins" ló fi ohun tí ọwọ́ ń ṣe hàn. Nígbà tí màmá bá sì sọ pé "ẹ pò ó dáadáa kó lè wú", "beat it until it's fluffy" ni, nítorí atẹ́gùn tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àkàrà fúyẹ́.

Òṣùwọ̀n ọjà kò ní ìtumọ̀ lókè òkun. Dérìká àti kóńgò kì í ṣe nǹkan tí ẹni tó wà ní Mánísítà lè rà. Kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀wà náà sórí ìwọ̀n, kí ẹ kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, òun ni kí ẹ fi sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe ìṣirò lórí tábìlì lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ àkàrà tán, torí kóńgò ìyálọ́jà kan kì í bá tẹlòmíràn dọ́gba.

Ìkíni ńkọ́? Ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. "Hello, Ma" tó fún un. Ẹ jẹ́ kí "Ma" wà níbẹ̀, torí pé òun nìkan ló kù tó ń sọ fún ará òkèèrè pé ọmọ yìí ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ" ti pòórá sínú "you". Ìkúnlẹ̀ wà lójú, kò nílò àlàyé. Kí ẹ sì tún ṣọ́ "ó". Tí màmá bá ń sọ ìtàn ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, Yorùbá kò ní sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Ẹ bi màmá léèrè. Ẹ má ro pé alákàrà ni, obìnrin ni ní tipátipá.

Òwe ló máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń túmọ̀. Nígbà tí ọmọ náà ní ìkòkò kékeré ni àwọn ní nílé, màmá dá a lóhùn pé: "Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó." Àwòrán méjì ló wà nínú òwe yìí, sẹ́kọ́ǹdì 4.5 kò sì gbà wọ́n méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan:

```
Even soup cooked in a peanut shell
fills the one who is meant to be full.
```

Lẹ́tà 72 ni, ìyẹn 16 sí sẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹ má wá òwe Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́ fi rọ́pò. Ẹni tó wá sí ìkànnì Yorùbá fẹ́ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń ronú, èèpo ẹ̀pà náà ni kí ẹ fún un. Ẹ má sì fi àlàyé sínú àkámọ́ lójú fídíò. Tí òwe náà bá nílò àlàyé, abẹ́ fídíò ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nínú àpèjúwe.

Pọtogí àti èdè Sípéènì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ èdè kẹta àfi tí ẹ bá ní ọmọ onílùú tó máa kà á kí ó tó jáde. Kí ẹni yẹn sì máa wo fídíò, kì í ṣe fáìlì Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ti gé ọ̀rọ̀ kúrò. Ẹni tó bá túmọ̀ láti inú rẹ̀ á tún gé nínú èyí tó ṣẹ́kù.

Ní Bàhíà, "acarajé" ni wọ́n ń pè é, "feijão-fradinho" sì ni ẹ̀wà rẹ̀. Ẹ lo orúkọ wọ̀nyí láìbẹ̀rù, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìkẹ́kùn kan wà. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in níbẹ̀, wọ́n sì ń pe epo náà ní "dendê". Òróró ni màmá inú fídíò wa lò, ṣùgbọ́n "epo" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Atúmọ̀ tó mọ Bàhíà dáadáa á kọ "dendê" láìronú, ará Bàhíà á wá wo ìkòkò, kò ní rí pupa kankan níbẹ̀, á sì máa bi yín nídìí fídíò. Òróró ni "óleo":

```
21
00:01:12,400 --> 00:01:18,400
Pouca água. Se passar da conta,
a massa se desmancha no óleo.
```

Àwọn ará Kúbà náà ní àkàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà kan náà ṣe, "bollitos de carita" ni wọ́n ń pè é. Nínú fáìlì tiwọn, ẹ kọ "akará" nígbà àkọ́kọ́ tí màmá bá dárúkọ rẹ̀, kí ẹ fi "bollitos de carita" tẹ̀ lé e níbẹ̀ náà, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa lo èyí tó bá kúrú jù.

Orúkọ òrìṣà náà, ẹ kọ ọ́ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọ́. Bí màmá bá dárúkọ Ọya lórí àkàrà, Pọtogí á kọ "Iansã", torí oúnjẹ rẹ̀ ni acarajé jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kúbà á kọ "Oyá". Ṣàngó á di "Xangô" ní Bùràsíìlì àti "Changó" ní Kúbà, Ọ̀ṣun á di "Oxum" àti "Ochún", Yemọja á di "Iemanjá" àti "Yemayá". Tí ẹ bá kọ "Sango" fún ará Bàhíà, ó lè ro pé òrìṣà mìíràn ni. Fún àwọn ará ilé wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Faransé ni wọ́n fi kàwé, èyí tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn sì máa ń fẹ́ fáìlì Yorùbá àti Faransé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè yan èyí tó wù ú.

Gbígbé e sórí YouTube

Kí ẹ tó gbé fáìlì kankan sókè, ẹ lọ síbi Details fídíò náà nínú YouTube Studio, ẹ tẹ Show more, kí ẹ sì rí i dájú pé Yoruba ló wà ní Video language. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló fi English síbẹ̀ láìmọ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé YouTube á máa gbọ́ Yorùbá bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni, á sì kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, sábẹ́ màmá. Tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Automatic sí lára nínú Subtitles, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ayé tàbí kí ẹ pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Languages tàbí Subtitles ní apá òsì, ẹ yan fídíò náà, ẹ wá Yoruba, ẹ tẹ Add, ẹ yan Upload file, lẹ́yìn rẹ̀ With timing. Ẹ má yan Without timing fún Yorùbá. Ìyẹn ń bẹ YouTube pé kó fi etí ara rẹ̀ wá àsìkò, àwọn èdè tó bá gbọ́ nìkan ló sì lè ṣe é fún. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ Publish. Ẹ tẹ Add language, ẹ ṣe bákan náà fún English, Portuguese (Brazil) àti Spanish (Latin America).

Ní ẹ̀gbẹ́ èdè kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí Title & description. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ibẹ̀, àṣìṣe ńlá sì ni. Sọ́btáítù kì í mú ẹnikẹ́ni wá. Àkọlé ló ń mú wọn wá. Ẹni tí fóònù rẹ̀ wà ní Pọtogí á rí àkọlé Pọtogí tí ẹ kọ. Lẹ́tà 100 ni YouTube gbà fún àkọlé, ṣùgbọ́n ẹ fi "acarajé" síwájú pátápátá, torí fóònù máa ń gé ìdí àkọlé. Ẹ kọ ọ́ láti ilẹ̀, ẹ má kàn túmọ̀ àkọlé Yorùbá yín: "Àkàrà tí ń yọ́ lẹ́nu" dùn létí wa, ṣùgbọ́n ohun tí ará Bàhíà máa wá ni bí wọ́n ṣe ń ṣe acarajé ní Nàìjíríà.

Facebook náà ń gba SRT, ṣùgbọ́n ó le lórí orúkọ fáìlì. Èdè àti orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: `akara.en_US.srt`, `akara.pt_BR.srt`. Tí orúkọ bá yàtọ̀, kò ní gbà á.

Fídíò kúkúrú fún WhatsApp

WhatsApp kì í gba fáìlì SRT, nítorí náà níbẹ̀ ni lílẹ̀ mọ́ àwòrán ti wúlò. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan fún èdè kan, kí ẹ tọ́jú fídíò àkọ́kọ́ tó mọ́. Ẹni tó ní ffmpeg lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣe é ní ìlà kan:

```
ffmpeg -i akara.mp4 -vf "subtitles=akara.yo.srt:force_style='FontName=Noto Sans,FontSize=20,MarginV=30'" -c:a copy akara-yo.mp4
```

Noto Sans wà níbẹ̀ nítorí àmì wa, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irú lẹ́tà ọlọ́ṣọ̀ọ́ tó wà nínú àwọn ètò gígé fídíò lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wọn kò ní "ẹ" pẹ̀lú àmì lórí. Ohun tó máa ń jáde ni àpótí òfìfo, tàbí kí àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ kó lọ gun èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó ṣe odidi fídíò, ẹ kọ "Ọ̀ṣẹ́ẹ̀tùrá" ní irú lẹ́tà náà kí ẹ wò ó lójú fóònù. Tí gbogbo àmì bá dúró síbi tí ó yẹ, ẹ máa bá a lọ.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá bá ẹnu mu

Tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ohùn ní iye kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ti fi nǹkan kún ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, ó lè jẹ́ orin ìkànnì yín. Nínú Subtitle Edit, ẹ lọ sí Synchronization, ẹ yan Adjust all times, kí ẹ sún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ dára ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i bí fídíò ṣe ń lọ, iye àwòrán tó ń lọ ní sẹ́kọ́ǹdì kan ló yàtọ̀ láàárín fídíò tí ẹ fi ṣètò àsìkò àti èyí tí ẹ gbé sókè. Point sync ló ń wò ó sàn: ẹ mú ìdìpọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kan ní òpin, ẹ sọ ibi tó yẹ kí wọ́n wà, á tún àárín ṣe. Tó bá sì dára títí di ìṣẹ́jú kẹrin, kó tó wá fò lójijì, ẹnìkan ti gé nǹkan kúrò níbẹ̀. Àwọn ìdìpọ̀ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ sún. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí fáìlì Yorùbá, ẹ ṣe é sí gbogbo èdè yòókù lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó jẹ́ kí gbogbo ayé rí i, ẹ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ní fóònù, kí ẹ pa ohùn, kó wò ó tán. Ẹ má wo fídíò, ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ibi tó bá ti dá a dúró kó lè kàwé, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ẹ tún wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bo nǹkan: tí ẹ bá ti kọ ìwọ̀n èlò sísàlẹ̀ àwòrán nígbà tí ẹ ń gé fídíò, sọ́btáítù á jókòó lé e. Òkè ni kí ẹ máa gbé ìwọ̀n èlò sí láti ìgbà náà lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ ṣí Analytics, ẹ lọ sí Audience. Ẹ máa rí orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń wò ó ti wá, àti Top subtitle/CC languages, èdè sọ́btáítù tí wọ́n ń tan. Ẹ fi méjèèjì síra. Bí àwọn ará Bùràsíìlì bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí Pọtogí kò hàn, ẹ lọ wò ó bóyá fáìlì náà ti jáde ní tòótọ́ tàbí ó ṣì wà ní Draft. Bí àwọn tó tan Yorùbá bá pọ̀ ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń kọ́ èdè ni, fún wọn sì ni ẹ gbọ́dọ̀ máa fi gbogbo àmì ohùn sí i láìfo ọ̀kan. Bí kò bá sì sí ẹni tó ń wò yín láti Kúbà tàbí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Sípéènì, ẹ dá fáìlì yẹn dúró ná, kí ẹ fi àkókò rẹ̀ tún Gẹ̀ẹ́sì àwọn fídíò àtijọ́ yín kọ.